Afẹ́fẹ́ Lọ́tọ̀, Ìgbì Lọ́tọ̀: Bí A Ṣe Ń Ka Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú Ọjọ́ Orí Òkun

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo kí yín. Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹja tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá síbí, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, torí inú fóònù yẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ wà nísinsìnyí, ẹ̀yin lẹ sì máa ń kà á fún bàbá yín kí ọkọ̀ tó ṣí.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀, láti orí ilẹ̀, pé òkun yóò hó ruru lọ́la? Ẹni tó wo fóònù, tó rí i pé afẹ́fẹ́ kò ní pọ̀, tó wá gbà pé ìgbì náà kò ní pọ̀, ṣé ó ti ka àsọtẹ́lẹ̀? Rárá o. Ìdajì ló kà. Ní etíkun tiwa yìí, láti Lomé dé Kútọnu, dé Àgbádárìgì, dé Èkó, títí lọ dé Ìlàjẹ, ìdajì tí kò kà yẹn gan-an ló léwu jù.

Mo máa ya afẹ́fẹ́ sọ́tọ̀, mo máa ya ìgbì sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà la ó jọ ka àsọtẹ́lẹ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ńbà afẹ́fẹ́

Ní 1806, Francis Beaufort, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà kọ agbára afẹ́fẹ́ sínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tó ń wò ni bí ìgbòkun tí ọkọ̀ ogun lè ta ṣe pọ̀ tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ti dé 12, kò sí ìgbòkun tó lè dúró mọ́. Ní 1838, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sọ òṣùwọ̀n náà di ti gbogbo ọkọ̀ wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnì wá gba ipò ìgbòkun, wọ́n fi ìrísí ojú omi rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìyára afẹ́fẹ́. Láti 0 dé 12 náà ló ṣì jẹ́ títí dòní.

Ìyára yẹn, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń kà á. Nọ́ọ̀tì 1 jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan. Mi ò ní ka gbogbo nọ́ńbà Beaufort fún yín. Àwọn tó kàn wá lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa.

Nọ́ńbà 3 ni nọ́ọ̀tì 7 sí 10. Lórí omi, orí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìfófó funfun sì yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ní orí ilẹ̀, ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kò dúró jẹ́ẹ́, àsíá sì ń fẹ̀. Nọ́ńbà 4 ni nọ́ọ̀tì 11 sí 16: ìfófó funfun ti wá pọ̀ lójú omi, eruku àti bébà ń fò nílẹ̀. Nọ́ńbà 5 ni nọ́ọ̀tì 17 sí 21: ibi tí ojú bá dé, funfun ni, omi sì lè máa ta sí yín lára nínú ọkọ̀. Nọ́ńbà 6 ni nọ́ọ̀tì 22 sí 27: ẹ̀ka igi ńlá ń mì, agbòòrùn kò ṣeé dì mú, ìgbì ńlá sì ti ń gbára jọ lórí òkun. Nọ́ńbà 8, nọ́ọ̀tì 34 sí 40, ni wọ́n ń ka sí ìjì gidi: afẹ́fẹ́ á máa gé orí ìgbì dànù, ìfófó á sì tò ní ìlà gbọọrọ tó na ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ.

Ẹ má rò pé láti 4 sí 6, ohun méjì péré la fi kún un. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 14 wà ní 4, afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 25 wà ní 6. Ẹ wò ó, agbára tí èkejì fi ń ti ọkọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá wá di nọ́ọ̀tì 37, tó jẹ́ 8, ó ti di bí ìlọ́po méje.

Ibi méjì ni mo ti máa ń rí àṣìṣe lórí nọ́ńbà afẹ́fẹ́. Àkọ́kọ́, fóònù kan á kọ 15, òmíràn náà á kọ 15, àwọn méjèèjì kò sì jọ sọ ohun kan náà. Bó bá jẹ́ kìlómítà 15 ní wákàtí, nọ́ọ̀tì 8 ni, ìyẹn nọ́ńbà 3. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì 15, nọ́ńbà 4 ni. Bó bá jẹ́ mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ọ̀tì 29 ni, ìyẹn nọ́ńbà 7! Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ka nọ́ńbà, ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: `km/h`, `kt` tàbí `m/s`. Ẹ yí i sí nọ́ọ̀tì nínú ètò fóònù náà, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ yẹn, àròpín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní mítà mẹ́wàá sókè omi. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ dọ́gba. Á máa sọ, á máa rọlẹ̀. Lórí òkun, sísọ rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju àròpín. Tí wọ́n bá kọ nọ́ọ̀tì 18, ẹ múra sílẹ̀ de nọ́ọ̀tì 24 tàbí 25. Ọ̀pọ̀ ètò fóònù máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀ lábẹ́ `gust`. Ìlà yẹn ni kí ọlọ́kọ̀ kékeré kọ́kọ́ wò.

Kí ló ń sọ afẹ́fẹ́ di ìgbì?

Nínú ìwé òṣùwọ̀n Beaufort, wọ́n máa ń kọ gíga ìgbì sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà afẹ́fẹ́. Nọ́ńbà 3, ìgbì ìdajì mítà tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 4, mítà 1. Nọ́ńbà 5, mítà 2. Nọ́ńbà 6, mítà 3. Nọ́ńbà 8, mítà 5.5. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ orí agbami ni wọ́n sọ ọ́ fún, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ títí tí ìgbì fi gbó.

Nítorí ohun mẹ́ta ló ń ṣe ìgbì. Ìyára afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Iye wákàtí tó fi fẹ́ wà níbẹ̀. Bí omi tó fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ ṣe gùn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kéré, ìgbì kò ní lè dàgbà dé ibi tí ìwé sọ.

Ẹ wo ọ̀sà Èkó. Afẹ́fẹ́ nọ́ńbà 4 tó gba orí ọ̀sà kọjá, omi kìlómítà mẹ́wàá ló máa rí kọjá kó tó kan ilẹ̀. Ìgbì tó máa gbé dìde kò ní tó ìdajì mítà. Afẹ́fẹ́ yẹn kan náà lórí agbami, tó bá rí bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì fẹ́ bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, á gbé ìgbì mítà 1 dìde. Afẹ́fẹ́ kan náà, omi méjì, ìgbì méjì. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà lójoojúmọ́, tó sọ pé òun mọ nọ́ńbà 4, òótọ́ ló sọ nípa afẹ́fẹ́. Kò tíì mọ̀ ọ́n nípa ìgbì òkun.

Ẹ tún wo ìjì òjijì wa, èyí tó ń ti ìlà-oòrùn wá ní ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, tó sì tún ń padà wá nígbà tí òjò bá ń kógbá sílé ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè dé nọ́ńbà 8. Ṣé ìgbì mítà 5.5 ló máa gbé wá? Rárá. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí àyè fún ìgbì láti dàgbà. Ohun tó máa gbé dìde kì í sábà kọjá mítà 1. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń da ọkọ̀ dé, tàbí tó ń gbá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú lọ sí agbami. Níbí, nọ́ńbà afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, kì í ṣe gíga ìgbì.

Mo tún gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lórí ojú tí à ń fi wo omi láti etíkun. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí ilẹ̀ wá, omi tó wà nítòsí yín á rọ̀ bí ẹní ń sùn, torí afẹ́fẹ́ ò tíì rí omi gùn lórí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wọ inú, tí ilẹ̀ jìnnà sẹ́yìn, ìgbì á máa ga sí i, afẹ́fẹ́ tó sì ń tì yín lọ yẹn náà lẹ máa dojú kọ bẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ má fi omi etí bèbè mọ afẹ́fẹ́ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo imọ̀ ọ̀pẹ àti àsíá.

Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wa jù nìyí. Afẹ́fẹ́ etíkun wa kì í sábà le. Lọ́pọ̀ ọjọ́, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, nọ́ńbà 3 tàbí 4 ni. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni ìgbì mítà 2 ti ń wá lọ́jọ́ tí ewé ò mì?

Ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì ló ti ń wá, níbi tí ìjì ńlá ti ń jà ní ọ̀nà tó ju kìlómítà 5,500 lọ sí wa. Ìjì yẹn kò ní dé Èkó láéláé, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ ń dé. Bí ìgbì bá ti kúrò lábẹ́ afẹ́fẹ́ tó bí i, àwọn kúkúrú á kú sọ́nà, àwọn gígùn á máa bọ̀. Ẹ lè mọ̀ wọ́n nípa àlàfo wọn, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá láàárín orí ìgbì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbì tí afẹ́fẹ́ ìtòsí gbé dìde máa ń ní àlàfo 4 sí 6. Ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń ní 10, 12, 14, nígbà mìíràn 16.

Àlàfo yẹn tún ń sọ bí ó ṣe ń rìn. Ẹ fi àlàfo náà ṣe ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ìyára tí agbára ìgbì fi ń rin agbami ní nọ́ọ̀tì nìyẹn. Àlàfo 14, nọ́ọ̀tì 21, nǹkan bíi kìlómítà 930 lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ìgbì tó ń lu etíkun wa lónìí, ìjì bí ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn ló bí i. Oṣù Kẹfà sí Kẹjọ ni òtútù ń mú níhà gúúsù, ìgbà náà ni ìjì ibẹ̀ máa ń pọ̀, ìgbà náà sì ni ìgbì tiwa máa ń le. Ẹ rántí Kúràmọ̀ ní oṣù Kẹjọ 2012, nígbà tí òkun ya wọ etíkun, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Kí nìdí tí àlàfo gígùn fi léwu? Ìgbì mítà 1.8 tó ní àlàfo 6 àti èyí tó ní àlàfo 14 kì í ṣe ẹgbẹ́. Lórí agbami, ẹlẹ́kejì kò ní da ọkọ̀ láàmú, á kàn gbé e sókè jẹ́jẹ́, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tó bá wọ omi tí kò jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀, agbára tó ń gbé bọ̀ á sì gba òkè yọ. Ní omi tó jìn mítà 5, ìgbì àlàfo 14 tó jẹ́ 1.8 ti lè di mítà 2.3. Èyí tó ní àlàfo 6 kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ga sí i rárá. Ìgbì sì máa ń fọ́ ní ibi tí omi bá jìn tó bí ìlọ́po 1.3 gíga rẹ̀. Ìgbì mítà 2.3 á fọ́ níbi tí omi bá ti jìn mítà 3. Ìdí nìyẹn tí ẹnu àbáwọlé odò àti òkìtì yanrìn abẹ́ omi fi ń pani lọ́jọ́ tí agbami rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan

Irú ohun tí ẹ máa rí lójú fóònù tàbí nínú ìròyìn tí àwọn àjọ ojú ọjọ́ ń gbé jáde nìyí. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oṣù Karùn-ún ni, ọkọ̀ apẹja kan sì fẹ́ gba ẹnu àbáwọlé Èkó jáde, láàárín ògiri òkúta méjèèjì.

```
VALID 0600 UTC TO 1800 UTC
WIND SW 3 OR 4, OCNL 5 AFTER 1200 UTC
SQUALLS EXPECTED
WIND SEA 0.8 M  SWELL SSW 1.8 M 14 S
```

Aago la kọ́kọ́ ń wò. `UTC` kì í ṣe aago Nàìjíríà. Ẹ fi wákàtí kan kún un ní Nàìjíríà àti ní Kútọnu; ní Lomé, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Àsọtẹ́lẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ Èkó, ó parí ní aago méje alẹ́. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ á máa dé 5 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ibi tó ti ń wá ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ibi tó ń lọ. `SW` túmọ̀ sí pé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá, ó ń tì wá sí ilẹ̀. `SSW` fún ìgbì náà, láti gúúsù tó yà díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ó wá kan ìgbì méjèèjì. Ìgbì afẹ́fẹ́ ìtòsí, `WIND SEA`, jẹ́ mítà 0.8; ti ọ̀nà jíjìn, `SWELL`, jẹ́ 1.8, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 14. Ṣé ká rò wọ́n pọ̀ kó di 2.6? Rárá. Ẹ fi 0.8 lọ́nà 0.8, ó di 0.64. Ẹ fi 1.8 lọ́nà 1.8, ó di 3.24. Àpapọ̀ wọn 3.88. Nọ́ńbà tó bá lọ́nà ara rẹ̀ tó fún wa ní 3.88 ni 1.97. Nítorí náà, mítà 2 ni òkun ọjọ́ náà. Ẹ wá fi í wé ìwé Beaufort: afẹ́fẹ́ nọ́ńbà 4, ìgbì mítà 1. Ìlọ́po méjì ohun tí afẹ́fẹ́ sọ lòkun ń ṣe. Afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀, ìgbì lọ́tọ̀.

Ṣé mítà 2 yẹn wá ni ìgbì tó ga jù? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ, àròpín ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìgbì tó ga jù ni. Nínú ẹgbẹ̀rún ìgbì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn mítà 3.7. Ní àlàfo 14, ẹgbẹ̀rún ìgbì kò gba wákàtí mẹ́rin. Ọkọ̀ tó bá lọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán á bá ọ̀kan pàdé. Kó má ṣe jẹ́ orí omi tí kò jìn ló ti máa bá a pàdé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí àsọtẹ́lẹ̀ yìí kò sọ, ẹ̀yin lẹ máa lọ wá a nínú ìwé kíkún àti fífà omi. Nígbà tí omi ọ̀sà bá ń fà jáde, tí ìgbì sì ń bọ̀ lódì kejì, ìgbì á kúrú, á dúró ṣánṣán, á sì máa fọ́. Tó bá jẹ́ pé aago méjì ọ̀sán lomi ń fà lọ́jọ́ náà, aago yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ 5 náà máa dé. Ìgbì àlàfo 14, omi tó ń fà, afẹ́fẹ́ tó ń kọjú sí omi: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pàdé ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ fẹ́ gbà wọlé. Ní tèmi, ọkọ̀ kékeré tí kò bá lè padà wọlé kó tó di ọ̀sán, kó má jáde. Èyí tó bá ti wà níta, kó dúró síta títí omi á fi dẹwọ́ fífà, tàbí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, kó tó gba ẹnu ọ̀nà.

Ìjì òjijì tí wọ́n kọ ní `SQUALLS` ńkọ́? Àsọtẹ́lẹ̀ kò lè sọ ìṣẹ́jú tó máa dé. Kí ẹnì kan nínú ọkọ̀ máa kọjú sí ìlà-oòrùn. Bó bá rí àwọsánmà dúdú tó tẹ̀ bí ọrun, tí afẹ́fẹ́ gúúsù sì ṣàdédé dákẹ́, ó ti ń bọ̀. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí. Bó bá jìnnà tó kìlómítà 25, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló kù. Ká kó àwọ̀n sínú ọkọ̀, ká so gbogbo ohun tó lè fò, kí kálukú wọ ẹ̀wù ìléfòó, ká kọ orí ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́ nígbà tó bá dé, ká má sì pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má sá fún un lọ sí agbami.

Kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ fi ojú yín yẹ àsọtẹ́lẹ̀ wò. Ẹ dúró sórí ògiri òkúta, ẹ wo ohun kan tó léfòó níta. Bí orí ìgbì bá gbé e sókè, ẹ tẹ aago fóònù yín, kẹ́ ẹ sì ka ìgbì mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ẹ pín iye ìṣẹ́jú àáyá náà sí mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 140, àlàfo yín jẹ́ 14, àsọtẹ́lẹ̀ bára mu. Bó bá jẹ́ 160, ìgbì tó gùn ju èyí tí wọ́n kọ ti wọlé dé. Àwọn tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ dé láti inú ìjì tuntun, àwọn tó ga sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kí ọkọ̀ dúró sílé lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì tún ka ìgbì lọ́sàn-án.